Nígbà tí ẹ̀rọ mẹ́ta bá ń dúró de mẹkáníìkì kan

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, sà. Alábòójútó ni mo jẹ́ ní ilé iṣẹ́ kan tó ń ṣe abọ́ àti ìdérí ike ní Olúyọ̀lé, n'Ìbàdàn. Ẹ̀rọ mẹ́ta la ní, òṣìṣẹ́ méjì ló wà nídìí ọ̀kọ̀ọ̀kan, mẹkáníìkì kan ṣoṣo ló sì ń pààrọ̀ mọ́ọ̀dù, irin tó ń fún ike ní ìrísí, fún gbogbo wa. Gbogbo àárọ̀ Mọ́ńdè tí a bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tuntun ni àwọn òṣìṣẹ́ mi máa ń jókòó títí di ọ̀sán, ọ̀gá sì ti ní kí n dín wọn kù. Báwo ni mo ṣe lè tò wọ́n tí wákàtí kò fi ní máa ṣòfò báyìí?

Ìdáhùn: Kí ẹ tó dín ẹnikẹ́ni kù, ẹ jẹ́ ká ṣírò àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan. Ká ní pípààrọ̀ mọ́ọ̀dù kan ń gba wákàtí kan ààbọ̀, tí iṣẹ́ sì ti tán lórí ẹ̀rọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kí agogo 8 tó lù. Mẹkáníìkì yóò parí ti àkọ́kọ́ ní agogo 9 ààbọ̀, yóò parí ti èkejì ní agogo 11, ti ẹ̀kẹta yóò sì di agogo 12 ààbọ̀. Àwọn méjì tó wà nídìí ẹ̀rọ àkọ́kọ́ ti jókòó fún wákàtí 3 lápapọ̀, àwọn ti èkejì fún wákàtí 6, àwọn ti ẹ̀kẹta fún wákàtí 9, gbogbo rẹ̀ sì jẹ́ wákàtí 18. Bí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan bá dúró ní àkókò tirẹ̀ tí mẹkáníìkì sì ti wà nílẹ̀ dè é, wákàtí 3 péré ni yóò bọ́ lọ́wọ́ àwọn méjì tó wà nídìí rẹ̀, èyí tó jẹ́ 9 fún ẹ̀rọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ìdajì òfò yín, nígbà náà, kò ti ọwọ́ mọ́ọ̀dù wá rárá. Ìlà tí àwọn ẹ̀rọ tò de mẹkáníìkì ló fà á, bí ẹ bá sì lé òṣìṣẹ́ méjì lọ, ìlà náà kò ní fi ìṣẹ́jú kan kúrú.

Nítorí náà, ohun tí a máa kọ́kọ́ tò ni àkókò tí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan yóò dúró, ká tó to èèyàn. Nínú àwọn ẹ̀rọ yín, ẹ mú èyí tí iṣẹ́ rẹ̀ kéré jù lọ lọ́sẹ̀ náà, kí ẹ jẹ́ kí ó parí ní agogo 2 ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì, kí mẹkáníìkì pààrọ̀ mọ́ọ̀dù rẹ̀ títí di agogo 3 ààbọ̀, kí ó sì fi ìyókù ọjọ́ náà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tuntun. Ẹ̀rọ kejì ni ẹ máa pààrọ̀ tirẹ̀ ní agogo 8 àárọ̀ ọjọ́ Ajé. Ẹ̀kẹta yóò máa bá iṣẹ́ àtijọ́ lọ títí di agogo 9 ààbọ̀ tí mẹkáníìkì yóò fi dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Bí ó bá ń yọ ìdérí kan ní ìṣẹ́jú àáyá 30, ìdérí 180 ni yóò fi ṣe lé ti tẹ́lẹ̀ ní wákàtí kan ààbọ̀ yẹn. Ìdérí tí ẹ mọ̀ dájú pé ọjà ń gbà ni kí ó jẹ́ o, nítorí pé bí ẹ bá ń fi ohun tí ẹnikẹ́ni kò béèrè kún inú sítọ́ọ̀ kí ọwọ́ òṣìṣẹ́ má baà ṣófo, owó ike ni ẹ ń sọ nù dípò wákàtí. Kí ẹni tó ṣí ilé iṣẹ́ tan hítà àwọn ẹ̀rọ tí yóò ṣiṣẹ́ ní àárọ̀ náà kí àwọn tó kù tó dé, kí agogo 8 má baà bá wọn níbi tí wọ́n ti ń dúró de ike kí ó yọ́.

Mo ti gbé irú ìtò yìí kọ́ sára ògiri rí pẹ̀lú agogo nìkan, ó sì bàjẹ́ lọ́jọ́ kejì, nítorí iná lọ fún ogójì ìṣẹ́jú, gbogbo agogo tí mo kọ síbẹ̀ sì di irọ́. Láti ìgbà náà, iye ọjà tó kù ni mo fi ń pe mẹkáníìkì. Ẹ̀rọ tó ń ṣe 120 ní wákàtí kan ni a óò kọ sára pé: "Bí ó bá ku 60, ẹ pe mẹkáníìkì." Bí iná bá lọ, iye náà dúró de iná, ìpè náà sì ń bọ́ sí àkókò tó yẹ. Ẹ kíyèsí i pé òǹkà ara ẹ̀rọ ń ka gbogbo ìgbà tí mọ́ọ̀dù bá pa dé, ó ń ka èyí tó bàjẹ́ mọ́ èyí tó dára, nítorí náà iye tó dára nínú àpótí ni kí ẹ gbára lé.

Ààbọ̀ wákàtí tí ìpè yẹn fún mẹkáníìkì kì í ṣe fún ìjókòó. Ohun tí Ṣigeo Ṣingo, onímọ̀ ẹ̀rọ ará Jàpáàn, ṣe ní ilé iṣẹ́ Tóyótà ní 1969 náà nìyẹn: ó ya iṣẹ́ tí a lè ṣe nígbà tí ẹ̀rọ ṣì ń ṣiṣẹ́ kúrò lára èyí tí a kò lè ṣe àfi bí ó bá dúró, pípààrọ̀ tó ń gba wákàtí 4 lórí ẹ̀rọ ńlá kan sì wá sí 90 ìṣẹ́jú, kí ó tó wá sí ìṣẹ́jú 3. Ẹ má retí ìṣẹ́jú 3 ní ọ̀dọ̀ yín. Àmọ́ gbígbé mọ́ọ̀dù tuntun wá sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ, yíyẹ̀ ẹ́ wò, kíkó sípánà, bóòtù àti họ́ọ̀sì omi jọ, àti gbígbé ṣéènì-bulọ́ọ̀kù tó ń gbé mọ́ọ̀dù sókè wá sípò, kò sí ọ̀kan nínú wọn tó ní kí ẹ̀rọ kọ́kọ́ dúró. Níbi tí mo bá ti ń bẹ ilé iṣẹ́ wò, wíwá sípánà kiri ni mo sábà máa ń rí nígbà tí ẹ̀rọ ti dákẹ́ tán.

Àwọn méjì tó wà nídìí ẹ̀rọ náà ńkọ́? Kí ọ̀kan dúró ti mẹkáníìkì láti tú họ́ọ̀sì, láti nu mọ́ọ̀dù àtijọ́ àti láti gbé horo ike tuntun wá. Kí èkejì lọ gé etí ìdérí tó ti jọ sílẹ̀, tàbí kí ó lọ jẹun bí pípààrọ̀ náà bá bọ́ sí nǹkan bí agogo 11 sí agogo 1. Òfin iṣẹ́ Nàìjíríà sọ pé ẹni tó bá ṣiṣẹ́ tó wákàtí 6 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lóòjọ́ gbọ́dọ̀ ní ìsinmi tí kò dín ní wákàtí kan lápapọ̀, nítorí náà ẹ má ka ìgbà tí òṣìṣẹ́ ń di mọ́ọ̀dù mú sí ìsinmi rẹ̀. Mi ò sì fara mọ́ sísọ fún àwọn èèyàn ẹ̀rọ kejì pé kí wọ́n máa dé ní agogo 9 ààbọ̀ lọ́jọ́ Ajé kí owó wákàtí wọn lè dín: ẹni tó ti Mọ́níyà wọ ọkọ̀ wá sí Olúyọ̀lé ti san owó ọkọ̀ rẹ̀ ní kíkún. Iṣẹ́ gígé etí tó ṣẹ́kù láti ọjọ́ Ẹtì ni kí ẹ fi pamọ́ dè wọ́n.

Ọjọ́ mìíràn yóò wà tí ẹ̀rọ méjì yóò dúró pa pọ̀ láìka ìtò yín sí. Bí ọ̀kan bá fẹ́ pààrọ̀ àwọ̀ nìkan, tí yóò gba ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, tí èkejì sì ń fẹ́ mọ́ọ̀dù tí yóò gba 90, ẹ ṣe ti àwọ̀ ṣáájú. Lọ́nà yìí, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ni èyí tó gùn yóò dúró. Bí ẹ bá yí i padà, 90 ìṣẹ́jú ni èyí tó kúrú yóò fi dúró. Àfi bí oníbàárà bá ti ń dúró de ọjà ẹ̀rọ kejì lẹ́nu ọ̀nà nìkan ni mo fi ń yà kúrò nínú èyí. Ní ti àwọ̀, láti funfun lọ sí pupa, láti pupa lọ sí dúdú ni kí ẹ máa lọ, nítorí pé dúdú tó bá kù nínú ẹ̀rọ máa ń ba ọ̀pọ̀lọpọ̀ abọ́ funfun jẹ́ kí ó tó tán.

Ẹ gbé pátákó kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan fún ọ̀sẹ̀ méjì. Kí wọ́n kọ agogo tí ọjà àtijọ́ tó dára gbẹ̀yìn jáde, agogo tí ọjà tuntun àkọ́kọ́ tó dára jáde, àti ohun tí wọ́n dúró dè láàárín wọn, yálà mẹkáníìkì, mọ́ọ̀dù, ṣéènì-bulọ́ọ̀kù tàbí ike. Bí "mẹkáníìkì" bá ṣì pọ̀ jù lọ lórí pátákó lẹ́yìn tí ẹ ti tò wọ́n báyìí, ẹ kọ́ ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ mẹ́fà náà ní títú họ́ọ̀sì àti bóòtù títí yóò fi lè dá pààrọ̀ mọ́ọ̀dù kékeré fúnra rẹ̀, kí ẹ sì gbé orúkọ rẹ̀ lọ bá ọ̀gá dípò orúkọ ẹni tí wọ́n máa dín kù.