Linux àbí Windows lórí láptọ́ọ̀pù àtijọ́ tí RAM rẹ̀ kéré?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá mi. Láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ mẹ́fà ni mo fi ń ṣe káfè, gígábáìtì méjì péré ni RAM ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Windows 10 ló wà lórí wọn, wọ́n sì ń fà gan-an. Ṣé kí n kó wọn bọ́ sí Linux ni?

Ìdáhùn: Ẹ kó márùn-ún bọ́ sí Lubuntu, irú Linux kan tó fúyẹ́, bí wọ́n bá jẹ́ 64-bit, kí ẹ sì fi ẹyọ kan sílẹ̀ lórí Windows fún iṣẹ́ tí Linux kò lè bá yín ṣe, bí ẹ̀rọ ìtẹ̀ka tí ètò rẹ̀ jẹ́ ti Windows nìkan.

Bí Windows 10 bá ti tàn, òun nìkan a máa gba bí ìdajì RAM yẹn tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí oníbàárà tó ṣí ohunkóhun. Bí oníbàárà bá wá ṣí Firefox, àyè a tán, ẹ̀rọ a sì máa kó ohun tí kò ráyè lọ sórí háàdì dísìkì, èyí tí ó lọ́ra ju RAM lọ jìnnà. Ìdí nìyẹn tí iná dísìkì kì í fi í kú. Lubuntu kì í gba àyè tó bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, ojú ewé íńtánẹ́ẹ̀tì kò ní fúyẹ́ nítorí pé ẹ pààrọ̀ Windows: bí oníbàárà bá ṣí fídíò pọ̀ mọ́ ojú ewé mélòó kan, Linux náà a fà. Ẹ tẹ àṣẹ yìí sínú terminal nígbà náà:

```
free -h
```

Bí iye tó wà lábẹ́ `available` bá ti lọ sílẹ̀ gan-an, tí `used` orí ìlà `Swap`, ìyẹn àyè orí dísìkì tí ẹ̀rọ fi ń ran RAM lọ́wọ́, sì ń gòkè, RAM ni kò tó, ẹ rà á kún un.

Ní ti ìwé àṣẹ, ọ̀fẹ́ ni Lubuntu, iye ẹ̀rọ tó wù yín lẹ lè fi í sí. Sítíkà Windows tó wà nísàlẹ̀ láptọ́ọ̀pù kò tó fún káfè, nítorí Microsoft ń béèrè àfikún ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ẹni tó bá ń fi kọ̀ǹpútà háyà. Àtúnṣe ààbò ọ̀fẹ́ fún Windows 10 sì ti dópin ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025, bẹ́ẹ̀ ni Windows 11 kò gba ẹ̀rọ tí RAM rẹ̀ kò tó gígábáìtì mẹ́rin. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi ètò ajáwèé-àṣẹ ṣí Windows. Inú irú ètò bẹ́ẹ̀ ni fáírọ́ọ̀sì sábà máa ń gbà wọlé.

Ní ti ìtọ́jú, fáírọ́ọ̀sì Windows tó ń bá fuláàṣì oníbàárà wá kì í ṣiṣẹ́ lórí Linux. Ẹ ṣáà dá àkáǹtì tí kò ní àṣẹ `sudo`, ìyẹn àṣẹ alábòójútó ẹ̀rọ, sílẹ̀ fún oníbàárà. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ló máa ń dá wàhálà sílẹ̀ jù: ọ̀pọ̀ ti HP kì í yọnu, àmọ́ àwọn Canon kékeré kan le. Nítorí náà, kí ẹ tó pa Windows rẹ́, ẹ kọ́kọ́ tan Lubuntu láti orí fuláàṣì, kí ẹ sì tẹ ìwé kan jáde. Bí ìlà ìwé ìwáṣẹ́ tí wọ́n fi Calibri kọ bá ń yẹ̀ nínú LibreOffice, ẹ fi Carlito sí i, ìwọ̀n lẹ́tà wọn dọ́gba:

```
sudo apt install fonts-crosextra-carlito
```