Tíráyà báláǹsì tó kọ̀ tí ò dọ́gba

"Ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀yin ọ̀gá, dẹ́bítì mi ₦1,862,500, kírẹ́dìtì ₦1,826,000. Mo ti ròó pọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Ibo ni kí n ti máa wá a?"

Àbúrò, fi kakulétọ̀ sílẹ̀ ná. ₦36,500 ni dẹ́bítì fi pọ̀ ju kírẹ́dìtì lọ, ó jọ pé kírẹ́dìtì kan ni ò wọ lẹ́jà, torí náà owó yẹn gan-an ni kó o máa wá. Ṣí káàṣì búùkù, ẹ̀gbẹ́ owó tó wọlé, kó o máa wo ojú ibi tí wọ́n ń kọ fólíò sí, torí tẹ́ ẹ bá ti pósìtì nǹkan tán lẹ máa ń kọ nọ́ńbà lẹ́jà síbẹ̀, tó bá ṣófo, fura.

Èmi náà ti jìyà ẹ̀ rí o. Kọ́sítọ́mà kan san ₦14,200, mo kọ ọ́ sí dẹ́bítì káàṣì, wọ́n pè mí, mo dìde, mi ò padà kọ ọ́ sí kírẹ́dìtì àkáǹtì ẹ̀. Ìwé ṣì ń sọ pé ó jẹ wá lówó, mo tiẹ̀ ti fẹ́ lọ sìn ín ní gbèsè!

Tó ò bá rí ₦36,500, wá ìdajì ẹ̀, ₦18,250, ní ẹ̀gbẹ́ dẹ́bítì. Kírẹ́dìtì tó bá ṣìnà bọ́ síbẹ̀ ìlọ́po méjì ló máa dá sílẹ̀.

Tílẹ̀ bá ṣú, fi ₦36,500 sí kírẹ́dìtì sọ́sípẹ́ǹsì àkáǹtì, ibi tá a máa ń gbé ìyàtọ̀ sí títí a ó fi rí àṣìṣe. Ọjọ́ tó o bá rí i, dẹ́bítì sọ́sípẹ́ǹsì, kírẹ́dìtì kọ́sítọ́mà, ó parí.