Orin ìsìn lábẹ́ fídíò kúkúrú

“Ẹ jọ̀ọ́, mo ń gbé fídíò àdúrà oníṣẹ́jú kan sórí YouTube fún ṣọ́ọ̀ṣì wa. Orin ìsìn wo ni mo lè fi sábẹ́ rẹ̀ tí wọn ò ní fún mi ní sítíráìkì? Wọ́n ní tí kò bá ti ju ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá lọ, kò sí wàhálà.”

Ẹ má gba èyí gbọ́ o. Kò sí òfin ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá níbì kankan, bẹ́ẹ̀ ni kíkọ orúkọ olórin sábẹ́ fídíò kì í ṣe àṣẹ.

Ẹ̀tọ́ méjì ló wà lórí orin kan: ti ẹni tó ṣe orin náà, àti ti ẹni tó ṣe rẹ́kọ́ọ̀dù rẹ̀. Ẹ wo What a Friend We Have in Jesus. Joseph Scriven kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní 1855, Charles Converse sì ṣe ohùn rẹ̀ ní 1868. Ẹ̀tọ́ orí orin yẹn ti tán tipẹ́. Ṣùgbọ́n bí akọrin kan bá kọ ọ́ lọ́dún tó kọjá, rẹ́kọ́ọ̀dù tirẹ̀ kì í ṣe ọ̀fẹ́.

Nítorí náà, orin àtijọ́ báyìí ni mo máa ń ní kí oníkíbọ́ọ̀dù ṣọ́ọ̀ṣì wa tẹ̀ fúnra rẹ̀, a ó sì gbà á sílẹ̀. Ohùn inú ìwé orin gan-an ni kó tẹ̀ o. Àfikún tí olórin òde òní ṣe sí i ní ẹ̀tọ́ tirẹ̀.

Síbẹ̀, ilé-iṣẹ́ kan gbé kíléèmù lé ọ̀kan nínú tiwa, torí Content ID, ẹ̀rọ tí YouTube fi ń dá orin mọ̀ nínú fídíò, rò pé rẹ́kọ́ọ̀dù wọn ni. Kíléèmù kì í ṣe sítíráìkì: owó ìpolówó lè lọ sọ́dọ̀ wọn, tàbí kí wọ́n dí fídíò náà. Sítíráìkì ń wá nígbà tí ẹni tó ni orin bá ní kí YouTube yọ fídíò kúrò. Mẹ́ta láàárín ọjọ́ 90 lè ti ṣánẹ́ẹ̀lì pa. Mo wọ YouTube Studio, mo tẹ See details níbi kíléèmù náà, mo yan Dispute, mo sì mú Public domain, ìyẹn ni pé ẹ̀tọ́ orí orin náà ti tán. Mo kọ orúkọ ẹni tó tẹ orin, ọjọ́ tí a gbà á sílẹ̀, àti ọdún 1868 yẹn. Ọjọ́ 30 ni wọ́n ní láti fèsì. Wọ́n yọwọ́ kó tó pé. A tọ́jú fáìlì tí a kọ́kọ́ gbà sílẹ̀ dáadáa nítorí irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀.

Bó bá jẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù ẹlòmíì lẹ lò láìgba àṣẹ, ẹ má tẹ Dispute rárá. Ibẹ̀ gan-an ni kíléèmù ti ń di sítíráìkì. Ẹ pààrọ̀ orin náà.

Kí ẹ tó jẹ́ kí ayé rí fídíò, ẹ gbé e sókè ní Private, kí ẹ dúró de èsì Checks, àyẹ̀wò tí YouTube ń ṣe bóyá orin ẹlòmíì wà nínú rẹ̀. Bí ẹ ò bá ní oníkíbọ́ọ̀dù, ẹ mú orin nínú Audio Library tó wà nínú YouTube Studio. Èyí tó bá ní àmì Creative Commons, ẹ gbọ́dọ̀ kọ orúkọ ẹni tó ṣe é sábẹ́ fídíò. Orin tí ẹ bá sì mú nínú áàpù TikTok, ẹ má gbé fídíò rẹ̀ lọ sórí YouTube tàbí Facebook, nítorí àṣẹ tó wà lórí rẹ̀ kò kọjá TikTok.