Kí ni "sílúẹ́ẹ̀tì sọnù" lórí fọ́tò àyà, báwo ló sì ṣe ń ya òtútù àyà sọ́tọ̀ kúrò lára omi?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Iléṣà ni mò ń gbé. Lórí ìwé àbájáde fọ́tò àyà ìyá mi, wọ́n kọ ọ́ pé "sílúẹ́ẹ̀tì ọkàn lápá ọ̀tún sọnù, igun ìhà mọ́ kedere." Dókítà ní òtútù àyà ni, kì í ṣe omi. Ṣùgbọ́n funfun ni èmi rí, omi náà sì máa ń funfun. Kí ni sílúẹ́ẹ̀tì yìí, báwo ni wọ́n sì ṣe mọ̀?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìtọ́jú ìyá o, ara wọn á yá. Etí ẹ̀yà ara kan, bó ṣe yọ lórí fọ́tò, ni wọ́n ń pè ní sílúẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Tí wọ́n bá ní ti ọkàn sọnù, ọkàn wà ní àyè rẹ̀. Etí rẹ̀ la ò rí mọ́.

Ẹ́síréè kò mọ omi yàtọ̀ sí ẹ̀jẹ̀, kò sì mọ ọyún yàtọ̀ sí ẹran ara. Bákan náà ni gbogbo wọn ń dí ìtànṣán lọ́nà, bákan náà ni wọ́n sì ń funfun. Afẹ́fẹ́ ni kì í dí i, ìyẹn ló fi máa ń dúdú. Etí ọkàn ń hàn nítorí pé ẹ̀dọ̀fóró tó kún fún afẹ́fẹ́ ló fara tì í: funfun pàdé dúdú, ìlà sì yọ. Bí ọyún tàbí omi bá gba ipò afẹ́fẹ́ yẹn, ọ̀rọ̀ di ti ẹni tó fi ẹfun fa ìlà sára ògiri tí wọ́n ti fi ẹfun kùn. Ọdún 1950 ni Benjamin Felson, dókítà awofọ́tò ní Sinsinátì l'Amẹ́ríkà, kọ̀wé lórí àmì yìí, orúkọ tó fún un ló sì ṣẹ́ kù sí wa lẹ́nu.

Ibi tí agbára àmì náà wà nìyí: àwọn nǹkan méjì náà gbọ́dọ̀ kan ara wọn kí etí tó lè sọnù. Bí àìsàn bá wà lẹ́yìn ọkàn tí kò kàn án, funfun á wà, ṣùgbọ́n etí ọkàn á ṣì hàn láàárín rẹ̀. Nítorí náà, etí tó sọnù ló ń sọ ibi tí àìsàn wà. Ẹ̀dọ̀fóró ọ̀tún ní ìpín mẹ́ta: ti òkè, ti àárín, ti ìsàlẹ̀. Ìpín àárín ló fara ti etí ọ̀tún ọkàn. Ìpín ìsàlẹ̀ ló jókòó lórí dáyáfíráàmù, ìyẹn iṣan tó pín àyà níyà kúrò lára ikùn. Lápá òsì, kò sí ìpín àárín. Apá ìsàlẹ̀ nínú ìpín òkè, tí wọ́n ń pè ní língúlà, ló fara ti ọkàn níbẹ̀. Bí etí ọ̀tún ọkàn bá lọ tí ìlà dáyáfíráàmù ọ̀tún sì ṣì mọ́, ìpín àárín ni kí a kọ́kọ́ fura sí.

Ẹ wá wo ìdí tí gbólóhùn kejì nínú ìwé yẹn fi ṣe pàtàkì. Omi tó bá wà láàárín awọ méjì tó bo ẹ̀dọ̀fóró kì í dúró sójú kan. Bí èèyàn bá dúró, yóò ṣàn lọ síbi tó rẹlẹ̀ jù, ibẹ̀ ni igun tí dáyáfíráàmù ti pàdé egungun ìhà. Ẹ̀yìn ló ti ń kọ́kọ́ kún, nítorí pé igun ẹ̀yìn ló rẹlẹ̀ jù. Nǹkan bíi mìlílítà 50 sí 75 ti tó láti dí i lórí fọ́tò tí wọ́n yà láti ẹ̀gbẹ́. Lórí fọ́tò iwájú, ó tó nǹkan bíi mìlílítà 200 kí igun tó fọ́, nígbà míì ó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ó bá wá tó 500, ìyẹn bí omi inú píọ̀ wọ́tà ọ̀rá kan, ìlà dáyáfíráàmù fúnra rẹ̀ ló sábà máa ń wọlẹ̀ sínú funfun. Omi tó ń rìn fàlàlà á ti gbé igun mì, á sì máa gbé dáyáfíráàmù mì, kó tó pa etí ọkàn rẹ́. Ti ìyá yín wá rí ní òdìkejì: etí ọkàn lọ, igun àti dáyáfíráàmù wà. Omi kì í ṣe báyẹn. Ohun tó gbé e wá wà nínú ẹ̀dọ̀fóró fúnra rẹ̀, níbi tí ọyún ti kún àwọn àpò afẹ́fẹ́ kéékèèké. Òtútù àyà tó gba odidi ìpín kan nìyẹn.

Dókítà yín á tún ti wo òkè funfun náà. Ìpín ẹ̀dọ̀fóró ní ààlà, òtútù àyà kì í sì í sábà fo ààlà yẹn. Lókè ìpín àárín, ààlà náà tẹ́ gbọọrọ, ní nǹkan bí ibi egungun ìhà kẹrin níwájú. Funfun á dúró síbẹ̀ bí ẹni pé wọ́n fi rúlà gé e. Òkè omi kì í gún báyẹn: ó máa ń tẹ̀ kọrọdọ, ó rẹlẹ̀ láàárín, ó sì gòkè lára ògiri ìhà. Omi náà kò gun ògiri ní ti gidi. Yíká ẹ̀dọ̀fóró ló wà, gíga kan náà sì ni níbi gbogbo. Ṣùgbọ́n ní ẹ̀gbẹ́, ìtànṣán ń gba inú omi kọjá ní gígùn láti iwájú dé ẹ̀yìn, ó sì ń funfun dáadáa. Láàárín, ìwọ̀nba omi fẹ́lẹ́ níwájú àti lẹ́yìn ló ń gbà kọjá, ẹ̀dọ̀fóró dúdú sì wà láàárín méjèèjì, nítorí náà a kì í rí òkè omi níbẹ̀.

Bí ìlà tó gún gbọọrọ bá wà lórí omi, afẹ́fẹ́ ti wọ àárín awọ méjèèjì pẹ̀lú omi nìyẹn, ọ̀rọ̀ míì sì ni. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń ṣi ìlà yìí mú fún ààlà ìpín àárín. Ẹ wo òkè ìlà náà: bí ó bá jẹ́ ààlà ìpín, ẹ ó rí àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ tín-ín-rín ẹ̀dọ̀fóró lókè rẹ̀, bí ó bá jẹ́ afẹ́fẹ́ lórí omi, dúdú láìsí iṣan ẹ̀jẹ̀ ni.

Ibi tí ó ti le jù ni ìpín ìsàlẹ̀. Òtútù àyà níbẹ̀ ń pa dáyáfíráàmù rẹ́, omi náà ń pa á rẹ́, sílúẹ́ẹ̀tì nìkan kò sì lè dájọ́. Ẹ̀ka ọ̀nà afẹ́fẹ́ ló kù tí ó lè jẹ́rìí. Nínú òtútù àyà, àpò afẹ́fẹ́ ló kún, ṣùgbọ́n ẹ̀ka tó gbé afẹ́fẹ́ wọlé sábà máa ń ṣófo, ó sì máa ń yọ bí ìlà dúdú tó pẹ̀ka láàárín funfun. Omi lásán kì í ní irú ìlà bẹ́ẹ̀, torí ẹ̀yìn òde ẹ̀dọ̀fóró ló wà. Bí ìlà dúdú kò bá sí, ẹ má fìyẹn sọ pé omi ni: kẹ̀lẹ̀bẹ̀ lè ti dí ẹ̀ka náà. Lẹ́yìn èyí, ẹ wo ọ̀nà èémí àti ọkàn. Omi tó pọ̀ gan-an máa ń tì wọ́n sí òdìkejì, òtútù àyà kì í sì í sábà tì wọ́n. Bí ìhà kan bá funfun pátá, tí ohunkóhun kò sì kúrò ní àyè rẹ̀, ó yẹ kí a bèèrè bóyá ẹ̀dọ̀fóró ti wó sínú omi, tàbí ohun kan dí ọ̀nà afẹ́fẹ́ ńlá níbẹ̀.

Gbogbo èyí dúró lórí bí wọ́n ṣe ya fọ́tò. Aláìsàn gbọ́dọ̀ dúró tàbí jókòó ṣánṣán, kí ó sì fa èémí sínú gidi. Bí ó bá dùbúlẹ̀ lójú bẹ́ẹ̀dì, omi á tẹ́ sẹ́yìn ẹ̀dọ̀fóró, igun lè mọ́, ìhà yẹn á kàn ṣú bí ẹni pé wọ́n fi aṣọ fẹ́lẹ́ bò ó, ẹ ó sì máa rí iṣan ẹ̀jẹ̀ láàárín rẹ̀. Fún àgbàlagbà tí kò lè dìde, fọ́tò báyìí ló ń tan èèyàn jẹ jù, skáànù ló sì yẹ kí wọ́n fi wò ó. Ẹni tí egungun àyà rẹ̀ wọnú pẹ̀lú lè pàdánù etí ọ̀tún ọkàn láìsí àìsàn kankan. Fọ́tò láti ẹ̀gbẹ́ ló ń tú èyí fó.

Ẹ jẹ́ kí a mú àpẹẹrẹ tó jọ ti ìyá yín, kí ẹ lè mọ ohun tí ẹ ó máa ṣọ́. Obìnrin ẹni ọdún 58, ibà àti ikọ́ fún ọjọ́ mẹ́rin. Fọ́tò àkọ́kọ́: etí ọ̀tún ọkàn lọ, dáyáfíráàmù wà, igun mú, òkè funfun gún. Òtútù àyà ìpín àárín ni. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ àntíbáyótíìkì. Ó di ọjọ́ kẹta, ibà kò lọ, ìhà ọ̀tún sì ń gún un bí ó bá mí. Fọ́tò kejì: etí ọkàn ṣì sọnù, ṣùgbọ́n igun ti fọ́, ìlà dáyáfíráàmù ti ń pòórá, funfun sì tẹ̀ kọrọdọ gun ògiri ìhà. Fọ́tò àkọ́kọ́ kò parọ́. Omi ló wá kún òtútù àyà. Àntíbáyótíìkì nìkan lè má tó mọ́. Wọ́n á fi skáànù wọn jíjìn omi náà. Bí ó bá ju mìlímítà 10 lọ, wọ́n sábà máa ń fi abẹ́rẹ́ fa díẹ̀ yẹ̀ wò. Etí òkè egungun ìhà ni abẹ́rẹ́ ń gbà wọlé, nítorí pé abẹ́ egungun ni iṣan ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wà. Bí ohun tó jáde bá jẹ́ ọyún, wọ́n á ki rọ́bà sí i kó ṣàn tán. Wọ́n á sì yẹ̀ ẹ́ wò fún ikọ́ fée, tí ó wọ́pọ̀ láàárín ohun tó ń fa omi bẹ́ẹ̀ nílẹ̀ wa.

Nítorí náà, bí ibà ìyá bá kọ̀ tí kò lọ lẹ́yìn ọjọ́ méjì sí mẹ́ta, ẹ béèrè fọ́tò míì, kí ẹ sì mú ti àkọ́kọ́ dání, ì báà jẹ́ ilé ìwòsàn Wesley Guild lẹ́ ń lọ tàbí Ifẹ̀. Méjèèjì ni kí dókítà gbé sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Bí ara wọn bá sì yá, tí wọ́n ti lé ní 50 ọdún tàbí tí wọ́n ti mu sìgá rí, ó yẹ kí wọ́n tún ya òmíràn ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Etí ọ̀tún ọkàn ni kí ẹ ní kí wọ́n wá. Bí kò bá tíì padà nígbà náà, wọ́n ní láti wo ẹ̀ka ọ̀nà afẹ́fẹ́ ìpín àárín, bóyá kókó kan ló dí i.