Ife kan fùláwà: ọwọ́ ta ló bù ú?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Amẹ́ríkà fi rẹ́sípì kéèkì kan ránṣẹ́ sí mi: bọ́tà ife 1, ṣúgà ife 2, fùláwà ife 3, ẹyin 4, mílíìkì ife 1 àti béékìn páúdà ṣíbí tíì 3. Nígbà mìíràn kéèkì náà á dára, nígbà mìíràn á gbẹ, orí rẹ̀ á sì là, bẹ́ẹ̀ ife kan náà ni mo ń lò. Mo ti ra síkéèlì báyìí. Gíráàmù mélòó ni ife kan? Ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta, Ìsánlú.

Ìdáhùn: Ọ̀kun o, ìyá wa. Mílíìkì, ṣúgà àti bọ́tà kò ní yọ yín lẹ́nu. Fùláwà ni kí ẹ dojú kọ, nítorí kò sí iye gíráàmù kan ṣoṣo tí ife fùláwà ń jẹ́. Ọwọ́ tó bù ú ló ń pinnu rẹ̀.

Ẹ wo bí a ṣe ń ra gàrí ní ọjà Kàbbà níbí. Bí ìyá tó ń tà á bá rọra da gàrí sínú múdù, ojú á rí i pé ó kún. Ẹ wá ní kó gbá múdù náà mọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, gàrí á wọlẹ̀, àyè á ṣí sílẹ̀ lókè, á sì ní láti bù kún un. Gàrí kankan kò dànù. Afẹ́fẹ́ tó wà láàárín rẹ̀ ló jáde. Fùláwà ń ṣe bẹ́ẹ̀ ju gàrí lọ, torí pé ó kúnná gan-an, ó sì máa ń lẹ̀ mọ́ra rẹ̀, tí afẹ́fẹ́ á fi há sí i láàárín. Bí ẹ bá jọ̀ ọ́, á wú. Bí ẹ bá gbé e kalẹ̀, á máa wọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Èyí tó wà nísàlẹ̀ àpò kílò 50 tí mọ́tò ti gbọ̀n láti Lọ́kọ́ja, tí wọ́n tún to àpò mìíràn lé lórí ní ṣọ́ọ̀bù, ti ki pọ̀ kí ó tó dé ọwọ́ yín.

Síkéèlì yín á fi hàn yín kíákíá. Ẹ mú ife ìwọ̀n tó gba mílílítà 240. Bí ẹ bá kọ́kọ́ jọ fùláwà, tí ẹ wá fi ṣíbí bù ú sínú ife náà, tí ẹ fi ẹ̀yìn ọ̀bẹ gbá ojú rẹ̀ dọ́gba, á wọ̀n tó gíráàmù 110 sí 115. Bí ẹ kò bá jọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n tí ẹ rò ó díẹ̀ kí ẹ tó fi ṣíbí bù ú, á tó 120 sí 125. Bí ẹ bá ti ife fúnra rẹ̀ bọ inú àpò, tí ẹ fi gbé fùláwà jáde, á máa lọ sí 140 tàbí 150. Bí ẹ bá tún fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́, á kọjá 160. Ife kan náà ni, fùláwà kan náà ni. Ẹ ṣe irú ìdánwò yẹn pẹ̀lú ṣúgà, ẹ ó rí i pé bí 200 ló máa ń wà, torí hóró ṣúgà le, kì í fún pọ̀.

Kí ẹ tó ṣírò, ẹ wo ife tí ẹ ń lò pàápàá. Ife Amẹ́ríkà jẹ́ nǹkan bíi mílílítà 237, èyí tí wọ́n sábà máa ń kọ sí ara ife ìwọ̀n bíi 240. Ife tíì ilé wa lè gba 300 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ gbé ife òfìfo sórí síkéèlì, ẹ tẹ `TARE` kí ó padà sí 0, kí ẹ wá rọ omi kún un. Gíráàmù omi tí ẹ bá rí, òun náà ni mílílítà tí ife yín gbà. Kí ẹ sì rí i dájú pé `g` ló wà lójú rẹ̀, kì í ṣe `oz`.

Ó wá ku rẹ́sípì ẹ̀gbọ́n yín. Bọ́tà ife 1 jẹ́ gíráàmù 227. Ṣúgà ife 2 jẹ́ 400. Mílíìkì olómi ife 1 jẹ́ nǹkan bíi 240. Fún fùláwà, ẹ kọ́kọ́ bi ẹ̀gbọ́n yín bí ó ṣe ń bù ú, ṣé ṣíbí ni àbí ife ló ń tì bọ inú àpò, àti ṣé ó ń jọ̀ ọ́ kí ó tó wọ̀n ọ́n àbí lẹ́yìn rẹ̀. Ìbéèrè kejì yẹn kì í ṣe ohun kékeré: ẹni tó jọ̀ ọ́ kí ó tó wọ̀n ọ́n á lo fùláwà tó fúyẹ́ ju ti ẹni tó wọ̀n ọ́n tán kí ó tó jọ̀ ọ́. Bí kò bá rántí, ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 120 fún ife kọ̀ọ̀kan. Ìyẹn jẹ́ 360.

Ohun tó ń ṣe kéèkì yín ló wà níbẹ̀ yẹn. Ní ọjọ́ tí ẹ ti ife bọ inú àpò, ife 3 yẹn lè di 450. 90 tó lé yẹn jẹ́ ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ife kan, a kò sì fi mílíìkì tàbí ẹyin kankan kún un. Ibo ni kéèkì á ti rí omi?

Bí ẹ bá ti pò ó pẹ̀lú 360, ẹ fi ṣíbí gbé e sókè. Ó yẹ kó rọra já bọ́ láti ara ṣíbí, kó má ṣàn bí ẹ̀kọ mímu, kó má sì lẹ̀ mọ́ ṣíbí gbagidi. Bí kéèkì bá rì láàárín, tí inú rẹ̀ ń lẹ̀ bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó pẹ́ tó lórí iná, ẹ fi 30 kún fùláwà nígbà mìíràn. Bí ó bá gbẹ, tó ń wó rúnrún, ẹ yọ 30. Ẹ má yí ohun mìíràn padà lọ́jọ́ náà, kí ẹ lè mọ èyí tó ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n orí tó là nìkan kò tó ẹ̀rí. Bí ẹ̀gbẹ́ kéèkì bá ti dúdú nígbà tí inú rẹ̀ ṣì tutù, iná ló pọ̀ jù. Bí àwọ̀ rẹ̀ bá dára ṣùgbọ́n tó wúwo, tó sì gbẹ, fùláwà ni.

Ẹyin náà ń fẹ́ ìwọ̀n. Ẹyin ńlá Amẹ́ríkà máa ń tó gíráàmù 50 láìsí èèpo, nítorí náà 200 ni mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ẹyin tí a ń rà níbí sábà máa ń kéré sí i. Bí mẹ́rin yín bá jẹ́ 170, ẹ pò ìkarùn-ún, kí ẹ sì rọ díẹ̀díẹ̀ nínú rẹ̀ títí yóò fi pé 200. Béékìn páúdà ní tirẹ̀, ẹ fi ṣíbí tíì ìwọ̀n sílẹ̀ fún un. Síkéèlì ilé tó ń fò láti 1 sí 2 kò lè rí nǹkan kékeré bẹ́ẹ̀ dáadáa.

Nígbà ọyẹ́, fùláwà tó wà ní gbangba máa ń gbẹ, síkéèlì kò sì lè sọ ìyẹn fún yín. Bí 360 tó dára ní ìgbà òjò bá le jù lórí ṣíbí ní oṣù January, ẹ fi mílíìkì ṣíbí ìjẹun kan kún un, ẹ tún un wò, kí ẹ tó fi ìkejì sí i.