Awọ dúdú àti fítámì D nígbà òtútù
Kí ló dé tí fítámì D fi máa ń dín lára àwa aláwọ̀ dúdú ní Lọ́ńdọ̀nù?

Mẹ́láníìnì tó mú awọ ara dúdú ló ń gba púpọ̀ nínú ìtànṣán UVB inú oòrùn tí ara fi ń ṣe fítámì D. Láti Oṣù Kẹwàá sí Oṣù Kẹta, ìtànṣán náà kò tó nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì; ohun tí ara kó pamọ́ nígbà ooru ló ń ná, aláwọ̀ dúdú kì í sì í sábà kó tó. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ń fi èyí hàn léraléra.

Ṣùgbọ́n kò túmọ̀ sí àìsàn egungun dandan: ní Amẹ́ríkà, egungun aláwọ̀ dúdú kì í sábà dá tó ti aláwọ̀ funfun. Síbẹ̀, ìmọ̀ràn ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fún aláwọ̀ dúdú ni kí wọ́n máa lo fítámì D máíkírógíráàmù 10 lójúmọ́, jálẹ̀ ọdún.