Kí ni wọ́n ń pè ní ìgbọ̀nwọ́, ṣé ó ṣeé fi wọn ejò inú fọ́tò?

"Ẹ jọ̀ọ́, bàbá àgbà wa tó jẹ́ ọdẹ, tí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ ejò tí wọ́n pa, wọ́n á ní ó gùn tó ìgbọ̀nwọ́ méje. Kí ni ìgbọ̀nwọ́ yẹn gan-an? Wọ́n tún ń pín fọ́tò erè kan kiri báyìí, ó dùbúlẹ̀ síwájú ògiri búlọ́ọ̀kù, wọ́n ní ẹsẹ̀ bàtà 20 ni. Ṣé èèyàn lè fi ìgbọ̀nwọ́ mọ̀ bóyá irọ́ ni?"

Ẹ tẹ́ apá yín sórí tábìlì, láti ìgúnpá títí dé ṣóńṣó ìka àárín, ìgbọ̀nwọ́ kan nìyẹn. Lára àgbàlagbà ọkùnrin ó máa ń tó íńṣì 18, ti ẹlòmíì lé díẹ̀. Òun náà ni Bíbélì Yorùbá fi wọn ọkọ̀ Nóà, tí wọ́n ní gígùn ẹ̀ jẹ́ 300 ìgbọ̀nwọ́. Ìgbọ̀nwọ́ méje bàbá àgbà yín máa wá jẹ́ bí ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá àti ààbọ̀, erè tó gùn tó bẹ́ẹ̀ sì wà dáadáa, kò sí àsọdùn ńbẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ wo bí ọdẹ ṣe ń ṣe é o. Ó máa tẹ́ apá ẹ̀ lé ejò yẹn lára, á gbé e, á tún tẹ́ ẹ síbi tó parí sí, títí dé ìrù, apá àti ejò fara kanra, kò sí àyè kankan láàárín wọn. Àyè yẹn gan-an ló ń ba fọ́tò jẹ́. Nínú fọ́tò, ohun tó bá sún mọ́ kámẹ́rà á tóbi, èyí tó jìnnà á kéré, torí náà ohunkóhun tí ẹ bá fẹ́ fi wọn ejò gbọ́dọ̀ wà níbi kan náà pẹ̀lú ejò, tí kò bá sí níbẹ̀ ẹ máa ní láti ṣírò ìyàtọ̀ yẹn.

Oríire yín ni pé ògiri búlọ́ọ̀kù ló wà níbẹ̀. Búlọ́ọ̀kù tí wọ́n fi ń kọ́lé ní Nàìjíríà, ì báà jẹ́ náìnì íńṣì tàbí síìsì íńṣì, nínípọn ni wọ́n fi yàtọ̀ síra, gígùn méjèèjì íńṣì 18 ni, gíga wọn íńṣì 9. Ìyẹn ni pé ìgbọ̀nwọ́ kọ̀ọ̀kan ni wọ́n tò sára ògiri yẹn láìmọ̀ 😀. Tí ẹ bá ka sìmẹ́ǹtì tí wọ́n fi so wọ́n pọ̀ mọ́ ọn, láti ojú ìsopọ̀ kan sí èkejì á jẹ́ bíi íńṣì 19. Ògiri tí wọ́n ti rẹ́ kò wúlò fún iṣẹ́ yìí sha, ojú ìsopọ̀ ti bò mọ́lẹ̀.

Kẹ́ ẹ tó wọn nǹkan kan, ẹ kọ́kọ́ wo búlọ́ọ̀kù kan dáadáa. Gígùn ẹ̀ yẹ kó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì gíga ẹ̀. Tí gígùn bá wá fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba pẹ̀lú gíga, a jẹ́ pé ẹ̀gbẹ́ ni ẹni tó ya fọ́tò dúró sí, ògiri yẹn ń sá lọ sẹ́yìn, búlọ́ọ̀kù tòsí á tóbi ju ti ọ̀ọ́kán lọ, ẹ má fi irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ yọ ara yín lẹ́nu, ẹ wá òmíì tí wọ́n yà láti iwájú.

Ká ní ó dúró déédéé. Ẹ ṣí fọ́tò náà sórí láptọ́ọ̀pù kó fẹ̀, ẹ wá òwú ìránṣọ, ẹ fi tẹ̀ lé àárín ẹ̀yìn ejò láti imú dé ṣóńṣó ìrù, gbogbo ibi tó bá ti ká kí òwú náà ká, ẹ má gé e kọjá láti kọ́nà sí kọ́nà o, torí bẹ́ẹ̀ ni ejò ṣe ń kúrú lọ́wọ́ àwọn èèyàn. Ká sọ pé òwú yẹn jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 17 nígbà tẹ́ ẹ nà án, tí búlọ́ọ̀kù kan sì jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 2 lójú síkíríìnì kan náà, láì tíì fọwọ́ kan súùmù. Búlọ́ọ̀kù mẹ́jọ àti ààbọ̀ nìyẹn. Ẹ sọ 8.5 di ìlọ́po 19, ó jẹ́ íńṣì 161 àti ààbọ̀, ìyẹn bí ẹsẹ̀ bàtà 13 àti ààbọ̀. Ẹsẹ̀ bàtà 20 ti lọ nìyẹn, ṣùgbọ́n a ò tíì parí.

Ejò yẹn ò fara ti ògiri, ẹ ní iwájú ògiri ló wà. Tí ẹni tó yà á bá dúró sí bí ẹsẹ̀ bàtà 10 sí ògiri, tí ejò sì fi ẹsẹ̀ bàtà 2 sún mọ́ ọn ju ògiri lọ, a jẹ́ pé ejò wà ní ẹsẹ̀ bàtà 8 sí kámẹ́rà. Ẹ fi 10 pín 8, ó jẹ́ 0.8, ẹ sọ 13.5 di ìlọ́po 0.8, ó kù díẹ̀ kó pé ẹsẹ̀ bàtà 11. Ibi tí ejò bá ti kọjú sí kámẹ́rà tàbí tó kọ̀yìn sí i, ó máa ń kúrú lójú ju bó ṣe rí lọ, torí náà mo lè fún un ní 11 sí 12, mi ò ní bá ẹnikẹ́ni jà lórí èyí tó wà láàárín. Èmi ò rí fọ́tò tiyín o, nọ́ńbà tèmi kàn wà fún àpẹẹrẹ ni, ẹ fi tiyín rọ́pò ẹ̀. Ibi tí àṣìṣe ti máa ń wọlé jù ni àlàfo ẹsẹ̀ bàtà 2 yẹn, torí ojú lẹ fi máa díwọ̀n ẹ̀.

Ẹja tó wà lọ́wọ́ èèyàn ní ẹ̀tàn tiẹ̀. Apẹja máa na ọwọ́ méjèèjì síwájú gbọọrọ, á wá ti ara ẹ̀ sẹ́yìn. Ká ní ẹja àrọ̀ náà wà ní sẹ̀ǹtímítà 120 sí fóònù, àyà ẹni tó mú un wà ní 180, ẹja yẹn á dà bíi pé ó fi ìdajì gùn sí i tẹ́ ẹ bá fi àyà tàbí èjìká ẹ̀ wọ̀n ọ́n, èyí tó jẹ́ 60 á jọ 90. Ẹ fi àyà sílẹ̀, àwọn ìka tó di ẹja yẹn mú ni kẹ́ ẹ lò, torí wọ́n jọ wà níbi kan náà ni. Ìbú ìka mẹ́rin ọkùnrin, láì ka àtàǹpàkò, jẹ́ bíi sẹ̀ǹtímítà 8 àti ààbọ̀. Tó bá gba ìbú yẹn lọ́nà méje láti orí dé ìrù, ẹ rí i pé á sún mọ́ 60 padà. Tí wọ́n bá ti fi ìka pamọ́ sẹ́yìn ẹja pátápátá, kẹ́ ẹ ti fura.

Fọ́tò míì wà tí kò sí ohun tó ṣeé fi wọ̀n nínú ẹ̀ rárá. Ní 1959, Remy Van Lierde, awakọ̀ òfuurufú ọmọ ogun Bẹ́ljíọ̀mù, wà nínú hẹlikọ́pítà lórí Kàtáńgà ní Kóńgò, wọ́n ya fọ́tò ejò kan nísàlẹ̀ tí òun fúnra ẹ̀ ní ó tó nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 50. Títí dòní àwọn èèyàn ń bára wọn jiyàn lórí ẹ̀, torí igbó àti ilẹ̀ nìkan ló yí ejò yẹn ká, kò sì sẹ́ni tó mọ bí igbó yẹn ṣe ga tó. Igbó tó dé orókùn àti igbó tó ga ju èèyàn lọ, láti òkè ọ̀kan náà ni wọ́n jọ.

Tó bá jẹ́ awọ nìkan ni wọ́n nà sára pákó nínú fọ́tò tiyín, ẹ má wọ̀n ọ́n rárá, awọ ejò máa ń nà ju ejò tí wọ́n bó o lára ẹ̀ lọ. Tó bá sì jẹ́ ọká ni wọ́n pè é tí òwú yín wá fún yín ní ẹsẹ̀ bàtà 10, ẹ padà lọ wọ̀n ọ́n, nítorí ọká kì í sábà kọjá ẹsẹ̀ bàtà 5 sí 6, sísanra ló fi ń dẹ́rù bani.